Ìlù ègbè àti ohùn olórin nìkan lo rántí: ọ̀nà wo ni kí o fi wá orin tí o gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù?

O wọ ṣọ́ọ̀bù, orin kan ń lọ lábẹ́lẹ̀, o kò kọbi ara sí i, o sanwó, o jáde. Ìgbà tó yá ni ègbè orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kàn rẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o rántí nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni bí ègbè náà ṣe ń já lù, àti irú ohùn tó ń kọ ọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà láti ibẹ̀ dé orúkọ orin, àmọ́ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi àkókò ṣòfò: ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kọ́ ni ohun tí áàpù tí wọ́n ṣí ń wá.

| Ọ̀nà | Ohun tó fẹ́ | Ohun tó ń fi ohùn olórin ṣe |
|---|---|---|
| Shazam | Rẹ́kọ́ọ̀dù náà gan-an, kó ṣì máa dún | Ó wà lára ohun tó ń gbọ́ |
| Google tàbí SoundHound | Kí o fi ẹnu rẹ kùn ún | Ó ń jù ú nù |
| Musipedia | Ìlù tí o fi ìka lù, tàbí bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ | Kò sí àyè fún un |
| Bíbi èèyàn | Ohunkóhun tí o bá lè ṣàlàyé | Òun ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù |

Bí orin náà bá ṣì ń dún

Bí o bá ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, má wulẹ̀ ronú lọ títí. Ṣí Shazam, kí o gbé fóònù sápá ibi tí sípíkà wà. Ọdún 2002 ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà náà, nọ́ńbà 2580 ni èèyàn máa ń pè, á gbé fóònù sí orin náà, orúkọ orin á sì dé bí àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo àwọn ibi tí ìró ti yọ jù nínú orin, ó ń so wọ́n pọ̀ méjì-méjì, ó sì ń fi bí wọ́n ṣe jìnnà síra wé ohun tó ti kó jọ láti ara àìmọye rẹ́kọ́ọ̀dù. Ariwo àwọn oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, torí àwọn ibi tó yọ yẹn ṣì máa ń yọrí láàárín ariwo. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì kò bá sí níbẹ̀, á tọ́jú ohun tó gbọ́, á sì dáhùn nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dé. Torí náà, má sọ pé o kò ní dátà kí o wá jáde láìgba orin náà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù ni Shazam mọ̀, kò mọ orin. Bí olórin kan náà bá kọ orin kan náà lórí ìtàgé, ó lè ṣàìdá a mọ̀. Bí ìwọ bá kọ ọ́ sí i, tàbí tí o pàtẹ́wọ́ ìlù rẹ̀ sí i, kò sí ohun tó máa rí mú. Tí o bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà yìí ti dí nìyẹn, àyàfi tí o bá padà lọ.

Pípadà lọ kò sì burú rárá. Àkójọ orin ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò, tó bá parí á tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé orin náà lè tún padà wá. Bí wọ́n bá ń lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láti fi kọ orin, orúkọ orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá máa ń wà lójú rẹ̀, ẹni tó wà nídìí káńtà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ tí o bá tètè béèrè. Bó bá jẹ́ rédíò ni wọ́n ṣí, bi wọ́n ní orúkọ ilé iṣẹ́ náà, kí o sì kọ aago tí o gbọ́ orin náà sílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan máa ń to orúkọ orin tí wọ́n ti kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú aago wọn. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo nídìí káńtà sàn ju ìrọ̀lẹ́ kan gbáko lórí fóònù lọ.

Bó bá jẹ́ ìlù nìkan

Èyí ló ń tan èèyàn jù, torí ìlù náà máa ń hàn kedere lọ́kàn ẹni tó rántí rẹ̀. Ní ọdún 1990, Elizabeth Newton, tó ń ṣiṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, ní kí àwọn kan máa fi ìka lu àwọn orin tí tẹrú tọmọ mọ̀ sórí tábìlì, kí àwọn mìíràn sì máa sọ orin tó jẹ́. Orin 120 ni wọ́n lù. 3 péré ni àwọn tó ń gbọ́ mọ̀. Àwọn tó ń lù sì ti rò pé àwọn tó ń gbọ́ yóò mọ ìdajì. Ẹni tó ń lù ń gbọ́ orin náà látòkè délẹ̀ nínú orí ara rẹ̀. Kò-kò-kò lásán ni ẹnì kejì ń gbọ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlù ègbè máa ń jọra ju bí a ṣe rò lọ. Ka 1 dé 8 lọ́nà tó ṣe déédéé, kí o lu ti 1, ti 4 àti ti 7:

```
1 2 3 4 5 6 7 8
x . . x . . x .
```

Mẹ́ta, mẹ́ta, méjì nìyẹn. Orin tó dúró lórí rẹ̀ kò lóǹkà, láti orin ijó dé orin ìfẹ́, ní ilẹ̀ gbogbo. Bó bá jẹ́ òun ni ègbè rẹ gbé dání, kò sí ẹ̀rọ tó lè tìtorí ìyẹn nìkan sọ fún ọ pé lágbájá orin ni.

Musipedia ni ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí o ti lè fi ìlù nìkan wá orin: ó ń gbà ọ́ láàyè láti lu bọ́tìnnì bí ègbè náà ṣe ń já, á sì kó àwọn tó jọ ọ́ jáde. Ó dára fún orin àtijọ́ àti orin ìbílẹ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Fún orin ìgbàlódé tí ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń kọ, mi ò ní gbọ́kàn lé e, torí àwọn tó máa kó jáde á pọ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ á sì pọ̀ jù wọ́n lọ.

Iṣẹ́ tí ìlù mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó yọ èyí tí kì í ṣe òun kúrò. Kí ó tó lè ṣe é, ó yẹ kí o kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ kí orin náà tó yí padà lọ́kàn rẹ. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ohùn já nínú ìlà kan ègbè náà. Bí o kò tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ kankan, o lè fi "da da da" kà á. Èkejì ni ìyára: pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Tí àtẹ́wọ́ bá jẹ́ 25, orin náà ń lọ ní 100 ní ìṣẹ́jú kan. Fi sọ́kàn pé ẹlòmíràn lè ka orin kan náà sí 50 tàbí 200, torí ó pàtẹ́wọ́ ní ìlọ́po tàbí ní ìdajì tìrẹ. Ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn.

Ẹ̀kẹta ló níye lórí jù, òun sì ni èèyàn kì í sábà kọ: ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé orí ìlù tó wúwo gan-an ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí? Ṣé ó ti jáde kí ìlù náà tó dún? Àbí ìlù dún tán kí olórin tó lanu? Ègbè méjì lè ní iye kan náà àti ìyára kan náà, kó wá jẹ́ pé ibí yìí nìkan ni wọ́n ti pínyà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún sípíkà ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kéékèèké tó wà lára àjà kì í gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Ìlù ńlá tó ń sọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ á rọ, èyí tó dà bí àtẹ́wọ́, tó sábà máa ń bọ́ sórí 2 àti 4, á sì gbòde. Bí o bá gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn nìkan, ó rọrùn láti fi 2 pe 1, kí ohun gbogbo sì sún ní ẹsẹ̀ kan. Torí náà, kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì.

Bí o bá lè kùn ún

Ẹni tó rántí ìlù ègbè kan sábà máa ń rántí ohùn orin rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Kò ní kó mọ̀ ọ́n kọ délẹ̀délẹ̀. Bó bá lè sọ pé ibí gòkè, ibí sọ̀kalẹ̀, ibí dúró, ó ti kúrò ní ìdí ìlù nìkan. Ẹni tó bá sì ti fi dò-rè-mí mọ àmì ohùn Yorùbá lára ọ̀rọ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti kékeré. Denys Parsons gbé ọ̀nà kan jáde ní ọdún 1975 tó jẹ́ ìyẹn gan-an: kọ àmì ìràwọ̀ fún ìró àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí o kọ U bí èyí tó tẹ̀ lé e bá gòkè, D bó bá sọ̀kalẹ̀, R bó bá dúró síbi tó wà. Ègbè tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan, tó dúró síbẹ̀, tó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, tó wá sọ̀kalẹ̀, á jẹ́:

```
*RUUD
```

Musipedia ń gba irú àkọsílẹ̀ yìí pẹ̀lú, ó sì sàn ju fífi ìka lù lọ.

Ṣùgbọ́n fún orin ìgbàlódé, Google ni màá kọ́kọ́ lọ bá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ló ti ń gba kíkùn: ṣí áàpù Google, tẹ àmì máìkì, yan ibi tí wọ́n ti ń wá orin, kí o sì kùn ún fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. SoundHound ń ṣe irú rẹ̀, YouTube Music náà sì ti ní tirẹ̀. Kò pọn dandan kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí olórin ti bẹ̀rẹ̀. Bó o fi ohùn ìsàlẹ̀ kùn ún tàbí ti òkè, ohun tó ń wò ni bí ìró kan ṣe tẹ̀ lé òmíràn.

Gbogbo ohun èlò orin, àti àbùdá ohùn ẹni tó ń kọ ọ́, ni irú ẹ̀rọ yìí ń bọ́ kúrò lára orin kó tó fi wé tìrẹ. Nítorí náà, má wulẹ̀ há ohùn rẹ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun láti ṣe bí olórin náà. Kò ní gbà á rò, ó sì lè ba ohùn orin jẹ́ mọ́ ọ lẹ́nu. "Da" tàbí "la" dára ju fífi imú kùn ún lọ, torí "d" yẹn ń la ìró kan kúrò lára èkejì, ìlù tí o rántí á sì wọlé pẹ̀lú ohùn. Kùn ègbè náà ní ìlà kan tàbí méjì ní kíkún, má ṣe tún ìdajì ìlà kan náà pè lẹ́ẹ̀mẹrin.

Irú ohùn: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Trébù, áltò, tẹ́nọ̀, báàsì: àwọn orúkọ yìí wúlò fún kúáyà, àmọ́ àwọn tó ń kó orin ìgbàlódé jọ kì í tò ó báyẹn, nítorí náà o kò lè fi "tẹ́nọ̀" wá nǹkan kan. Ohun tó ń dá ohùn mọ̀ fún olùgbọ́ ni pé ó há, tàbí ó ń mí jáde bí ẹní ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tàbí ó ń gba imú, tàbí ó dán gbinrin. Kọ ìyẹn sílẹ̀ kí o tó kọ pé ó ga tàbí ó rinlẹ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ègbè gan-an ni ibi tó burú jù láti mọ bí ohùn ṣe ga tó. Níbẹ̀ ni olórin ti máa ń gòkè ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ, níbẹ̀ ni ọkùnrin ti máa ń fi ohùn tín-ín-rín ti òkè orí kọ ọ́, tí èèyàn á fi pè é ní obìnrin. Wọ́n tún sábà máa ń to ohùn olórin náà léra wọn lórí ègbè, pẹ̀lú àwọn elégbè tó gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Sípíkà tí kò gbé ìsàlẹ̀ jáde á tún mú kí ohùn tó ki dà bí ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí o bá rántí ohunkóhun yàtọ̀ sí ègbè, àní ọ̀rọ̀ kan tí olórin jẹ́ kó relẹ̀ ní ìparí ìlà, ohùn ibẹ̀ ni kí o gbà gbọ́.

Ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò

Ká sọ pé ohun tó wà nínú ìwé rẹ nìyí: ìlà ègbè kan já lẹ́ẹ̀meje, ó bẹ̀rẹ̀ kí ìlù tó wúwo tó dún, ìyára rẹ̀ jẹ́ 84, ó dà bí obìnrin, ohùn náà ń mí jáde, kò sì há. O kùn ún sí Google, ó sì kó mẹ́ta jáde, pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jọ tìrẹ. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 61, èkejì 55, ẹ̀kẹta 22.

Má tẹ èyí tó ga jù kí o sọ pé ó tán. Bí 61 àti 55 ṣe sún mọ́ra tó yẹn fi hàn pé kò dá ẹ̀rọ náà lójú. Gbọ́ ègbè ti àkọ́kọ́. Obìnrin ló kọ ọ́, inú rẹ sì dùn, àmọ́ nígbà tí o kà á, ìlà rẹ̀ bọ́ sórí ìlù gan-an, ó sì já lẹ́ẹ̀mẹjọ. O ti kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì nítorí sípíkà, nítorí náà ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan kò tó láti lé e dànù. Iye ló lé e dànù: àṣìṣe 1 àti 2 lè sún ìlà, kò lè fi ìró kan kún un.

Èkejì já lẹ́ẹ̀meje, ó bẹ̀rẹ̀ kí ìlù tó dún. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ló kọ ọ́, ohùn rẹ̀ há, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 112. Ibí yìí ni ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé irú ohùn jù máa ti jù ú sílẹ̀. Wo bí méjèèjì ṣe yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìyára yàtọ̀, ohùn náà sì yàtọ̀. 84 kì í ṣe ìdajì 112, nítorí náà kì í ṣe ọ̀ràn bí a ṣe ka àtẹ́wọ́. Bí ìlù àti ohùn orin bá bára mu, tí ìyára àti olórin wá jọ yàtọ̀, ohun tó yẹ kó wá sí ọ lọ́kàn ni pé ẹlòmíràn ló tún orin náà kọ. Orin tí wọ́n tún kọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú gìtá àti ohùn tútù, lè wà nínú àkójọ tí ṣọ́ọ̀bù ń lò.

Kọ orúkọ orin kejì yẹn sínú YouTube, kí o má fi orúkọ olórin náà kún un, kí o sì máa gbọ́ ègbè nìkan lára àwọn tí obìnrin kọ. Ní báyìí ni ìyára 84 àti ohùn tó ń mí jáde wá ń ṣiṣẹ́ wọn gan-an: orin ti di ọ̀kan, rẹ́kọ́ọ̀dù ló kù kí o yàn. Èyí tó bá já sí 84 tàbí nítòsí rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò há, gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí èyíkéyìí tó bára mu, padà sórí ẹ̀kẹta kí o ṣe irú àyẹ̀wò kan náà, má sì retí ohun púpọ̀ lára 22.

Bó bá di pé kí o bi èèyàn

Bí ẹ̀rọ kò bá mú nǹkan jáde, wá ẹni tó ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Níbi yìí, irú ohùn ti kúrò ní ohun tí a ń fi yọ nǹkan kúrò, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ rán ẹni náà létí. Má ṣe fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin méjèèjì á wà nípò ẹni tó ń lu tábìlì àti ẹni tó ń gbọ́ ní Stanford. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ bí o ti ń fi "da" kọ ìlà méjì, kí o máa pàtẹ́wọ́ sí i lábẹ́, kó lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ìlù.

Fi àlàyé díẹ̀ tẹ̀ lé e: èdè tí o rò pé wọ́n fi kọ ọ́, bí ohùn náà ṣe rí, ohun èlò kan tí o dá mọ̀, àti ọjọ́ tí o gbọ́ ọ. Sọ èyí tó dá ọ lójú lọ́tọ̀, kí o sọ èyí tí o kàn ń fura sí lọ́tọ̀. Bí o bá kọ "obìnrin ni" nígbà tí ó yẹ kí o kọ "ó dà bí obìnrin lórí ègbè", ẹni tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ á ti yọ gbogbo ọkùnrin kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí o sì dárúkọ àwọn orin tí o ti gbọ́ tí kì í ṣe òun, kó má bàa tún kó wọn padà wá bá ọ.